Owó pẹ́ńṣọ̀n ìyá mi kò tó nǹkan: ṣé kí wọ́n gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ni, àbí kí wọ́n dúró de iye tí òfin ṣèlérí?

Àbíkẹ́, Lafẹ́nwá

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìyá mi ṣiṣẹ́ ní oko adìyẹ kan lọ́nà Ọ̀ṣíẹ̀lẹ̀ láti ọdún 2015 títí di òpin 2024, wọ́n sì ti pé ọmọ ọgọ́ta ọdún. Ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n wọn ní ₦768,000 péré ni ó wà nínú àkáǹtì wọn, pé kò lè di pẹ́ńṣọ̀n oṣooṣù tó jẹ́ nǹkan, kí wọ́n fọwọ́ sí ìwé kí wọ́n sì gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹnìkan wá sọ fún mi ní Kútọ̀ pé òfin ti dá iye kan lé pẹ́ńṣọ̀n tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ gbà kéré sí. Èwo ni kí a ṣe? Ìwé náà wà lórí tábìlì, a kò tíì fọwọ́ sí i.

* * *

Akọ̀wé Owó-Oṣù, Ìbarà

Ẹ má tíì fọwọ́ sí i lọ́sẹ̀ yìí. N kò sọ pé kí ẹ má fọwọ́ sí i rárá o. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìgbésẹ̀ méjì tí ó yàtọ̀ síra ni wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ra fún yín, ó sì yẹ kí ìyá yín mọ èyí tí wọ́n ń gbà àti èyí tí wọ́n ń fi sílẹ̀ kí wọ́n tó tẹ̀ka.

Èyí àkọ́kọ́ ni ìlànà Pẹ́ńkọ̀m, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣàbójútó ọ̀rọ̀ pẹ́ńṣọ̀n, lórí àkáǹtì tí owó inú rẹ̀ kò pọ̀. Bí owó tí òṣìṣẹ́ kó jọ kò bá lè mú pẹ́ńṣọ̀n tó tó ìdá kan nínú mẹ́ta owó-oṣù tó kéré jù lórílẹ̀-èdè yìí jáde lóṣooṣù, a gbà á láyè láti kó gbogbo rẹ̀ lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Láti oṣù keje ọdún 2024 ni owó-oṣù tó kéré jù ti di ₦70,000, ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ ₦23,333. Ẹ jẹ́ kí a wá wo ₦768,000. Bí a bá fi í pé owó náà yóò máa jèrè ìdá 10 nínú 100 lọ́dún, tí a sì pín in fún ọdún 18, ohun tí yóò máa bọ́ sọ́wọ́ ìyá yín lóṣù kò ní ju nǹkan bíi ₦7,700 lọ. Mo ṣe ìṣirò yìí láti fi bí ọ̀rọ̀ ṣe rí hàn ni, nítorí ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n ní tábìlì tirẹ̀ tí ó fi ọjọ́ orí àti bóyá ọkùnrin tàbí obìnrin ni ẹni náà ṣe ìṣirò; ṣùgbọ́n kò sí tábìlì tí yóò sọ ₦7,700 di ₦23,333. Kí àkáǹtì tó lè mú iye yẹn jáde lórí ìdiwọ̀n tí mo lò yìí, ó ní láti ní nǹkan bíi mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀ọ́dúnrún náírà nínú. Nítorí náà, irọ́ kọ́ ni ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n pa fún yín.

Èyí kejì ni ohun tí wọ́n sọ fún yín ní Kútọ̀. Ó wà nínú abala 84 òfin pẹ́ńṣọ̀n ọdún 2014, òun náà kì í sì í ṣe irọ́. Mo ń bọ̀ lórí rẹ̀.

* * *

Bàbá Tíṣà, Àdìgbẹ

Ẹ̀yin ọmọ wọ̀nyí, ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa mú ọ̀rọ̀ le. Èmi fẹ̀yìntì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo sì mọ ohun tí òfin sọ. Ẹni tí ó bá ṣiṣẹ́ ọdún márùn-ún, ó ní ẹ̀tọ́ sí owó ìdágbére. Ẹni tí ó bá sì pé ọdún mẹ́wàá, ó ní ẹ̀tọ́ sí pẹ́ńṣọ̀n títí ọjọ́ ikú rẹ̀. Láti 2015 dé òpin 2024, ọdún mẹ́wàá gééré ni. Pẹ́ńṣọ̀n ni kí ìyá ọmọ yìí gbà, kí ẹnikẹ́ni má fi owó ẹ̀ẹ̀kan tàn án.

* * *

Akọ̀wé Owó-Oṣù, Ìbarà

Bàbá, ẹ ṣeun sà. Ohun tí ẹ sọ yìí jẹ́ òótọ́ fún ètò tí ẹ̀yin fi fẹ̀yìntì, níbi tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti ń san pẹ́ńṣọ̀n láti inú àpò rẹ̀, tí ó sì ń ka iye ọdún iṣẹ́ àti owó-oṣù ìkẹyìn. Ìyá Àbíkẹ́ kò sí lábẹ́ ètò yẹn. Ètò ìdáwó tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tí òfin 2014 wá gba ipò òfin àkọ́kọ́, ni tiwọn, kò sì sí ẹni tí ó ń ka ọdún níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ bóyá pẹ́ńṣọ̀n tọ́ sí i. Ohun tí ó bá wà nínú àkáǹtì ni yóò sọ iye tí yóò máa jáde. Ẹni tí ó dáwó fún ọdún mẹ́ta lórí owó-oṣù ńlá lè ní pẹ́ńṣọ̀n tó ju ti ẹni tí ó fi ọdún ogún dáwó lórí owó-oṣù kékeré lọ.

Ibẹ̀ gan-an ni àléébù ètò náà wà, àwọn tó ṣe òfin sì mọ̀ ọ́n, ni wọ́n fi kọ abala 84 sí i. Abala náà sọ pé gbogbo ẹni tó ní àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n, tó sì ti dáwó fún iye ọdún kan, ní ẹ̀tọ́ sí pẹ́ńṣọ̀n tó kéré jù tí Pẹ́ńkọ̀m bá là kalẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà. Ẹ wò ó dáadáa: òfin kò sọ iye ọdún, kò sì sọ iye owó. Ó gbé méjèèjì lé Pẹ́ńkọ̀m lọ́wọ́. Abala 82 wá sọ ibi tí owó náà yóò ti wá. Ìjọba àpapọ̀ yóò máa fi ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó-oṣù àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ sínú àpò ìdáàbòbò pẹ́ńṣọ̀n kan lọ́dọọdún, Pẹ́ńkọ̀m àti àwọn ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n yóò sì máa san owó tiwọn sí i, pẹ̀lú èrè tí àpò náà bá jẹ.

Láti 2014, fún ohun tó ju ọdún mẹ́wàá lọ, inú ìwé ni ìlérí yìí wà. Ọdún 2025 ni Ààrẹ Tinúbú pàṣẹ fún Pẹ́ńkọ̀m pé kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ìdí nìyẹn tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ fi gbalé gboko báyìí, tí ẹni tó wà ní Kútọ̀ fi gbọ́ nípa rẹ̀.

* * *

Jíbọ́lá, Sàpọ́n

Ẹ̀gbọ́n Akọ̀wé, ẹ ṣi ìlànà àkọ́kọ́ yẹn kà. ₦550,000 ni ààlà. Ẹni tí owó rẹ̀ bá kọjá ₦550,000 kò lè gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, dandan ni kí wọ́n pín in fún un lóṣooṣù. Ìyá ìyàwó mi kojú ọ̀rọ̀ yìí nígbà kan, wọ́n kọ̀ láti fún wọn nítorí pé owó wọn fi díẹ̀ kọjá. Ẹni tó ní kí ìyá yìí wá kó ₦768,000, ẹ jẹ́ kí a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá gbájú-ẹ̀ ni.

* * *

Akọ̀wé Owó-Oṣù, Ìbarà

Ẹ káre tí ẹ rántí iye yẹn. ₦550,000 ni wọ́n lò lóòótọ́ nígbà tí owó-oṣù tó kéré jù ṣì jẹ́ ₦18,000, tí ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ ₦6,000. Ẹ lè fi ọwọ́ ara yín ṣírò rẹ̀: ₦550,000 lórí ìdiwọ̀n tí mo lò lẹ́ẹ̀kan yóò mú ₦5,500 jáde lóṣù, kò sì jìnnà sí ₦6,000 náà. Owó-oṣù tó kéré jù ti kúrò ní ₦18,000, ó di ₦30,000 ní 2019, ó sì di ₦70,000 ní 2024. Ààlà náà ń gòkè bí ó ti ń gòkè.

Jíbọ́lá, ẹ ti gbé mi dé orí ohun tí mo rò pé àwọn ènìyàn kò fi ojú sí nínú ọ̀rọ̀ yìí. Nígbàkígbà tí ìjọba bá fi kún owó-oṣù tó kéré jù, gbogbo wa a máa yọ̀, ṣùgbọ́n owó tó wà nínú àkáǹtì ẹni tó fẹ̀yìntì ní ọdún yẹn kò fi kọ́bọ̀ kan pọ̀ sí i nítorí rẹ̀. Ẹni tí àkáǹtì rẹ̀ lè mú ₦12,000 jáde lóṣù lábẹ́ ₦30,000 yóò di olùgba-pẹ́ńṣọ̀n. Ẹni kan náà, pẹ̀lú owó kan náà, lábẹ́ ₦70,000, ni wọn yóò sọ fún pé kí ó kó owó rẹ̀ máa lọ. Àwọn tí owó wọn kéré jù ni ìlànà yìí ń tì jáde kúrò nínú ètò náà, àwọn yìí gan-an sì ni abala 84 ní òun fẹ́ gbà sílẹ̀. Ẹni tó bá ti kó gbogbo owó rẹ̀ ti jáde nínú ètò, wọ́n ti pa àkáǹtì rẹ̀ dé. Pẹ́ńṣọ̀n wo ni a ó tún máa fi owó kún fún un, nígbà tí kò gba pẹ́ńṣọ̀n kankan?

Ìdí tí mo fi ní kí ìyá Àbíkẹ́ má kánjú fọwọ́ sí ìwé náà nìyẹn.

* * *

Ọ̀gá Àkàrà, Ọbáńtókò

Ọdún 22 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní Àkàrà ní Gánà kí n tó padà wálé, mo sì ń gba owó ìfẹ̀yìntì mi láti ibẹ̀ títí di òní. Ọ̀rọ̀ náà kò ní wàhálà nínú. Oṣù 180 ni òfin sọ, ọdún 15 nìyẹn. Bí o bá dáwó tó oṣù 180, wàá gba pẹ́ńṣọ̀n. Bí kò bá tó, wọn yóò kó owó rẹ fún ọ pẹ̀lú èlé. Ìyá ọmọ yìí kò tó ọdún 15, nítorí náà kí wọ́n gba owó wọn kí wọ́n máa yin Ọlọ́run.

* * *

Akọ̀wé Owó-Oṣù, Ìbarà

Òfin Gánà ni ẹ kà fún wa yẹn, ẹ̀gbọ́n, ẹ sì kà á dáadáa. Kò dé ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín. Ṣùgbọ́n mo dúpẹ́ pé ẹ mú u wá, nítorí iye ọdún tí Pẹ́ńkọ̀m bá fi sí abala 84 ni yóò sọ bóyá ìlérí náà yóò kan irú ìyá Àbíkẹ́ tàbí yóò fò wọ́n kọjá.

Orílẹ̀-èdè Ṣílè ní Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó kọ́kọ́ ṣe irú ètò ìdáwó tí a ń lò yìí, ní 1981. Àwọn náà fi ìdánilójú sí i pé ìjọba yóò fi owó kún pẹ́ńṣọ̀n ẹni tí tirẹ̀ bá kéré, ṣùgbọ́n ẹni náà gbọ́dọ̀ ti dáwó fún ọdún 20. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé àwọn tí pẹ́ńṣọ̀n wọn kéré jù, pàápàá àwọn obìnrin tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ láti tọ́mọ, àti àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lónìí tí wọn kì í ní iṣẹ́ lọ́la, ni kì í pé ọdún 20. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré, ohun tó sọ owó rẹ̀ di kékeré náà ni kì í jẹ́ kí ọdún rẹ̀ pé. Ní 2008, wọ́n pa ètò yẹn tì, wọ́n sì fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tí kò béèrè iye ọdún ìdáwó lọ́wọ́ arúgbó tí kò ní. Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ìdánilójú pẹ́ńṣọ̀n ti bẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè pé, "Ọdún mélòó?" kí ẹ tó béèrè pé, "Èló?"

Mo gbà pé ọdún mẹ́wàá ni ó yẹ kí ó jẹ́ ní Nàìjíríà, tàbí kí ó má tilẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Èrò tèmi nìyẹn, kì í ṣe òfin.

* * *

Aláàdìrẹ, Ìtokú

Ẹ jọ̀ọ́, èmi náà fẹ́ béèrè tèmi. Èmi kò ní ọ̀gá, àdìrẹ ni mò ń ṣe tí mo ń tà. Ọmọ kan wá bá wa ní ọjà, ó ṣí àkáǹtì pẹ́ńṣọ̀n fún èmi àti àwọn kan nínú wa, mo sì ń fi owó sí i nígbà tí ọjà bá dára. Ṣé àwa náà wà nínú àwọn tí ìjọba máa fi owó kún tiwọn? Nítorí bí ó bá jẹ́ pé wọ́n máa fún wa ní iye kan bó ti wù kó rí, kí ni mo ṣe ń yọ ara mi lẹ́nu láti fi owó púpọ̀ síbẹ̀?

* * *

Akọ̀wé Owó-Oṣù, Ìbarà

Ìyá wa, abala 84 sọ pé gbogbo ẹni tó ní àkáǹtì, kò yọ ẹni tí kò ní ọ̀gá sílẹ̀. Irú àkáǹtì yín bẹ̀rẹ̀ ní 2019. Nínú gbogbo owó tí ẹ bá fi síbẹ̀, ìdá 40 nínú 100 ni ẹ lè yọ nígbà tí nǹkan bá le, ìdá 60 tó kù ni ó wà fún ọjọ́ ogbó. Ìdá 60 yẹn ni ìdánilójú bá ń sọ̀rọ̀ lé lórí bí ó bá dé.

Ìbéèrè yín kejì ni àwọn tó ń ṣe ètò irú èyí máa ń sá fún, ó sì yẹ kí a dáhùn rẹ̀. Bí ìjọba bá ń fi kún un títí yóò fi dé iye kan náà fún gbogbo ènìyàn, ẹni tó fi ₦200,000 síbẹ̀ àti ẹni tó fi ₦900,000 síbẹ̀ yóò jọ máa gba iye kan náà, ẹni kejì yóò sì ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí ìyẹn dín owó tí ẹ ń fi síbẹ̀ kù o. Owó tí ẹ bá fi síbẹ̀, tiyín ni, orúkọ yín ni ó wà lórí rẹ̀, bí ẹ bá sì kú, ó di ti àwọn ọmọ yín. Owó ìjọba tí ẹ ń retí kò tíì ní orúkọ ẹnikẹ́ni lórí.

* * *

Àbíkẹ́, Lafẹ́nwá

Ẹ ṣeun púpọ̀. Mo ti gba àkọsílẹ̀ àkáǹtì náà lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n, mo sì tú àwọn ìwé owó-oṣù ìyá mi sílẹ̀ látinú àpò ọ̀rá tí wọ́n tọ́jú wọn sí. Láti 2015 sí 2019, ₦3,960 ni ó ń wọlé lóṣù. Láti 2020, ó yẹ kí ó di ₦6,300, ṣùgbọ́n láti oṣù kìíní 2020 dé oṣù kẹfà 2021, kò sí ohunkóhun nínú àkọsílẹ̀ náà, ó mọ́ fóó. Ìwé owó-oṣù àwọn oṣù yẹn sì wà lọ́wọ́ mi, wọ́n yọ ₦2,800 níbẹ̀ lóṣooṣù, wọ́n kọ "pẹ́ńṣọ̀n" sí i. Ohun mìíràn tó rú mi lójú ni pé owó tí ìyá mi ń gbà lọ sílé lóṣù ju ₦35,000 lọ dáadáa nígbà náà, báwo wá ni ìṣirò owó pẹ́ńṣọ̀n inú ìwé náà ṣe dá lórí ₦35,000?

* * *

Akọ̀wé Owó-Oṣù, Ìbarà

Ẹ ti ṣiṣẹ́ tó ju ti ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ. Ẹ jẹ́ kí n mú un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Lórí ₦35,000: òfin ní kí òṣìṣẹ́ san ìdá 8 nínú 100, kí agbanisíṣẹ́ san ìdá 10, àpapọ̀ wọn sì jẹ́ 18. Ṣùgbọ́n owó tí wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lé lórí kò gbọ́dọ̀ kéré sí àpapọ̀ owó-oṣù gangan, owó ilé àti owó ọkọ̀. Àwọn agbanisíṣẹ́ mọ èyí. Wọn a dín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kù, wọn a sì kó ìyókù sí àwọn àjẹmọ́nú mìíràn: owó oúnjẹ, owó aṣọ iṣẹ́, owó ìṣírí, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Owó tó ń wọ ọwọ́ òṣìṣẹ́ kò dín, nítorí náà kì í ráhùn. Ojú rẹ̀ kì í là sí i àfi ọjọ́ tó bá fẹ̀yìntì. Mo ti jókòó níbi tí wọ́n ti ń pín owó báyìí, mo sì lè fọwọ́ sọ̀yà fún yín pé èyí ni ó ń sọ ọ̀pọ̀ àkáǹtì di kékeré, ó ju ọdún iṣẹ́ tí kò pé lọ. Bí ìwé ìgbanisíṣẹ́ ìyá yín bá sọ bí wọ́n ṣe pín owó náà, kò sí ẹ̀sùn tí ẹ lè fi kàn wọ́n lórí èyí.

Lórí oṣù 18 tó ṣófo, ẹ̀sùn wà ńbẹ̀. ₦6,300 ní ọ̀nà 18 jẹ́ ₦113,400. Nínú rẹ̀, ₦50,400 jẹ́ owó tí wọ́n ti yọ lọ́wọ́ ìyá yín fúnra wọn. Òfin ní kí agbanisíṣẹ́ fi owó náà ránṣẹ́ láàárín ọjọ́ iṣẹ́ méje lẹ́yìn tó bá san owó-oṣù, bí kò bá sì ṣe bẹ́ẹ̀, owó ìtanràn rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ dín ní ìdá 2 nínú 100 iye tó jẹ, fún oṣù kọ̀ọ̀kan tí gbèsè náà bá fi wà níbẹ̀. Ìdá 2 nínú ₦113,400 jẹ́ ₦2,268. Bí a bá bẹ̀rẹ̀ ìṣirò láti oṣù keje 2021 nìkan títí dé òpin 2024, oṣù 42 ni, ìtanràn náà sì ti kọjá ₦95,000. Inú àkáǹtì ìyá yín ni ó yẹ kí ó lọ.

N kò ní tan yín jẹ o. Ká ní wọ́n san gbogbo rẹ̀ lásìkò ni, tó sì ń jèrè bí ìyókù, owó náà ì bá jẹ́ nǹkan bíi ₦929,000. Èyí náà kò lè mú tó ₦10,000 jáde lóṣù, nítorí náà gbígba gbèsè yìí kò ní gbé ìyá yín kọjá ààlà ₦23,333. Ṣùgbọ́n owó wọn ni. Bí wọ́n bá sì fọwọ́ sí ìwé gbígba gbogbo owó kí wọ́n tó béèrè èyí, tí wọ́n ti àkáǹtì pa, ẹ̀yin náà mọ bí yóò ti ṣòro tó láti mú kí ẹnikẹ́ni tún fetí sí i.

* * *

Jíbọ́lá, Sàpọ́n

Gbogbo èyí dára, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bá ara wa sọ òótọ́. Ní 2015, mélòó ni owó gàrí kọ́ńgò kan? Mélòó ni lónìí? Ẹni tó bá ń dúró de ìjọba, owó ọwọ́ rẹ̀ yóò máa yọ́ bí òrí tí a gbé sóòrùn. Kí ìyá gba ₦768,000 wọn lónìí, kí wọ́n fi ra ẹ̀rọ ìlọta tàbí kí wọ́n ra irè oko pamọ́. Kí ni ₦7,700 lóṣù fẹ́ rà fún arúgbó?

* * *

Bàbá Tíṣà, Àdìgbẹ

Jíbọ́lá, mo ti rí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi tó gba owó ìdágbére wọn tí wọ́n fi ra bọ́ọ̀sì. Bọ́ọ̀sì náà kò pé ọdún kan. Owó kékeré tó ń wọlé lóṣooṣù ni ó ń ra oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru fún mi, kì í ṣe owó ńlá tí mo gbà ní 2009.

Ṣùgbọ́n, Akọ̀wé, mo ní ìbéèrè kan. Ṣé àwa òṣìṣẹ́ ìpínlẹ̀ wà nínú ìdánilójú yìí? Àwọn ọmọ mi méjì wà nílé-iṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn.

* * *

Akọ̀wé Owó-Oṣù, Ìbarà

Bàbá, ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ni ó ń ṣe òfin pẹ́ńṣọ̀n tirẹ̀, owó-oṣù òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ sì ni ìdá 1 tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan ti ń wá. Kí àwọn ọmọ yín béèrè lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ wọn ohun tí òfin ìpínlẹ̀ Ògùn sọ. Ẹ jẹ́ kí a ṣí ìjíròrò mìíràn fún un, kí ti ìyá Àbíkẹ́ má bàa sọnù sínú rẹ̀.

Jíbọ́lá, n kò bá yín jà lórí gàrí. Bí ìyá yìí bá jẹ gbèsè èlé, tàbí tí àìsàn bá wà ńlẹ̀, èmi fúnra mi yóò ní kí wọ́n gba owó náà lónìí. Ibi tí mo ti yàtọ̀ sí yín ni pé owó tó wà nínú àkáǹtì kò jókòó lásán, ó ń jèrè lójoojúmọ́ bí àkáǹtì bá ṣì ṣí, oṣù mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ẹ bá fi lé gbèsè oko adìyẹ kò sì ní pa á run. Ẹ̀tọ́ àti gba gbogbo owó náà kì í tètè bọ́, ó wà níbẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀ bí ó ti wà lónìí. Ẹ̀tọ́ tó lè bọ́ ni ti ìdánilójú, nítorí ẹni tó ti jáde ni kò sí lórí ìwé.

Bí ẹ bá wá bi mí léèrè bóyá ìjọba yóò ka àwọn tó ti kó owó wọn lọ tẹ́lẹ̀ mọ́ àwọn tí yóò gbà, mo rò pé wọn kò ní kà wọ́n mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n àwọn kan nínú wọn lè ní ìlànà ló lé àwọn jáde, kì í ṣe ìfẹ́ inú àwọn. Ọ̀rọ̀ wọn bọ́gbọ́n mu.

* * *

Ọ̀gá Àkàrà, Ọbáńtókò

Àbíkẹ́, ṣé kí ìyá rẹ tó dé oko adìyẹ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ níbòmíràn rí? Ní Gánà, owó àtijọ́ ni ó máa ń gba ènìyàn là.

* * *

Àbíkẹ́, Lafẹ́nwá

Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Wọ́n ṣiṣẹ́ ní ilé-iṣẹ́ aṣọ kan ní Ìkẹjà láti 1996 sí 2003 kí ó tó kógbá wọlé. Káàdì kan wà tí a kọ NSITF sí, wọ́n fi pamọ́ sínú Bíbélì. A rò pé kò wúlò mọ́.

* * *

Akọ̀wé Owó-Oṣù, Ìbarà

Ẹ mú káàdì yẹn jáde nínú Bíbélì. Kí òfin 2004 tó dé, NSITF ni òṣìṣẹ́ aládàáni ń dáwó sí, owó àwọn olùdáwó náà sì wá sí abẹ́ àbójútó ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n Trustfund. Ẹni tó bá ní nọ́ńbà rẹ̀ lè béèrè pé kí wọ́n gbé e wá sínú àkáǹtì rẹ̀ ti báyìí. Owó-oṣù ọdún 1996 kò tó nǹkan lójú òní, kí ẹ má retí owó ńlá. Ohun tí mo ń wò ni ọdún rẹ̀: ọdún méje tàbí mẹ́jọ tí a kọ sílẹ̀ pé ìyá yín dáwó, bí Pẹ́ńkọ̀m bá lọ fi ọdún 15 sí ìdánilójú náà, ẹ ó ní ohun tí ẹ lè gbé síwájú wọn. Bóyá wọn yóò kà á tàbí wọn kò ní kà á, ẹ ó ti béèrè.

* * *

Àbíkẹ́, Lafẹ́nwá

Ìyá mi ní kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Wọ́n ní àwọn kò ní fọwọ́ sí ìwé náà lóṣù yìí, ṣùgbọ́n bí oko adìyẹ kò bá dáhùn títí ọdún iléyá, àwọn yóò gba owó àwọn, nítorí orí ilé ń jò. Ọjọ́ Ajé ni mo fẹ́ lọ sí oko náà. Lẹ́tà wo ni kí n mú lọ?

* * *

Akọ̀wé Owó-Oṣù, Ìbarà

Lẹ́tà kan ṣoṣo ti tó, kí ẹ ṣe é ní ẹ̀dà mẹ́ta: ọ̀kan fún oko, ọ̀kan fún ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n, ọ̀kan fún Pẹ́ńkọ̀m. Ẹ kọ orúkọ ìyá yín bí ó ti wà nínú àkáǹtì, nọ́ńbà wọn tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú PEN, àwọn oṣù 18 náà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, àti iye tí wọ́n yọ nínú oṣù kọ̀ọ̀kan. Ẹ ya àwòrán àwọn ìwé owó-oṣù mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ẹ má fi ojúlówó wọn sílẹ̀ níbì kankan. Kí ẹni tó bá gbà á ní oko tẹ òǹtẹ̀, kí ó sì kọ déètì sí ẹ̀dà tiyín. Bí wọn kò bá dáhùn, Pẹ́ńkọ̀m ní àwọn agbowó tó yàn láti máa lọ gba irú gbèsè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ àwọn agbanisíṣẹ́, ẹ̀dà kẹta yẹn ni yóò sì fi ilé-iṣẹ́ náà lé wọn lọ́wọ́.

Kí ẹ tó fẹ̀sùn kan ẹnikẹ́ni ní ọjọ́ Ajé, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìwé tí oko náà fi ránṣẹ́ pẹ̀lú owó ní àwọn oṣù yẹn. Ó máa ń ṣẹlẹ̀ pé agbanisíṣẹ́ san owó lóòótọ́, ṣùgbọ́n akọ̀wé ṣi nọ́ńbà PEN ẹnìkan kọ, tàbí kò tilẹ̀ fi orúkọ ránṣẹ́, owó náà a sì dúró láìní olówó ní báńkì tí ń tọ́jú owó pẹ́ńṣọ̀n. Bí ó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, kì í ṣe oko adìyẹ ni ẹ ó máa lé mọ́, ilé-iṣẹ́ pẹ́ńṣọ̀n ni yóò bá yín wá owó náà rí, kò sì yẹ kí ó pẹ́. Ohun tó lè jẹ́ kí ẹ mọ̀ ni bóyá oṣù 18 yẹn ṣófo fún àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn náà. Bí ó bá jẹ́ ìyá yín nìkan ni, àṣìṣe nọ́ńbà ni mo fura sí. Bí ó bá jẹ́ gbogbo wọn, oko náà ni ó mú owó mọ́lẹ̀. Ẹ pe ẹni méjì nínú wọn lónìí.